Ẹni Kẹrin Nínú Lẹ́tà Tinúadé

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Gbéminíyì Ọláyọdé ti tẹ lẹ́tà kan tán lórí kọ̀ǹpútà, ó kù kó fi ránṣẹ́. Lẹ́tà náà ò gùn. Ó ní ilé iṣẹ́ dúpẹ́ pé Ìyáàfin Tinúadé Èṣùbíyì wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, pé àwọn tó wá pọ̀, pé ẹlòmíì ni wọ́n mú. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Orúkọ nìkan ló máa ń pààrọ̀ níbẹ̀.

Gbéminíyì ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní láàbù Dókítà Akínfẹ́mi ní GRA, ní Benin. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò níbẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ọsibítù máa ń wá gbà fún aláboyún tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ láàbù wọn ti kó lọ sí Kánádà, ipò rẹ̀ sì ṣófo. Ìdí tí wọ́n fi pe Tinúadé nìyẹn.

Ọjọ́rú ló wá, ní aago mọ́kànlá. Obìnrin ẹni ọdún méjìlélógójì ni, ó ń gbé Uselu. Ọdún méje gbáko ni kò fi ṣiṣẹ́. Kíndìnrín ọkọ rẹ̀ ló bàjẹ́, òun ló sì ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, títí ọkùnrin náà fi kú lọ́dún tó kọjá. Kò fi èyí bẹ̀bẹ̀. Wọ́n bi í ni ó tó sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lájí, olórí láàbù, wá bi í nípa ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń ka èròjà ẹ̀jẹ̀. Tinúadé ní òun ò tíì fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí. Nígbà tó jáde, Bọ́lájí ní ọdún méje ti pọ̀ jù, iṣẹ́ ti sáré kọjá obìnrin náà. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Gbéminíyì gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Bó ṣe fẹ́ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ni ímeèlì kan wọlé. Tinúadé ló kọ ọ́. Gbéminíyì rò pé ọpẹ́ ojú ayé lásán ni, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń wáṣẹ́ pé kí wọ́n máa kọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ó ṣí i.

Ọpẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó fà wọ́n padà sí ìbéèrè Bọ́lájí. Ó ní òun mọ̀ pé òun ò dáhùn rẹ̀ dáadáa, kò sì fẹ́ díbọ́n. Àmọ́ òun ti tún láísẹ́ńsì òun gbà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ àwọn, òun ti lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n béèrè fún, òun sì ti fi oṣù mẹ́ta ṣiṣẹ́ láìgbowó ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí ìjọ kan dá sílẹ̀. Ó so ẹ̀dà láísẹ́ńsì náà mọ́ lẹ́tà, ó kọ nọ́ńbà dókítà ilé ìwòsàn yẹn síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi òun sídìí tábìlì iṣẹ́ fún ọjọ́ kan kí wọ́n fojú ara wọn rí ọwọ́ òun, kí wọ́n tó pinnu. Ó béèrè ọjọ́ tí òun lè retí èsì.

Lẹ́tà tó dáa ni. Gbéminíyì mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń kà á. Ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn ló mú kó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó jókòó lápá ojú fèrèsé. Mo ti ronú sí ìbéèrè tí wọ́n bi mi, tí mo ní màá lọ rò. Bí ìwé tí a ń kọ òtútù fírìjì ẹ̀jẹ̀ sí bá ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo hàn fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, mi ò ní gbà á gbọ́. Fírìjì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń lọ sókè sódò díẹ̀. Màá gbé tẹ̀mómítà mìíràn sínú rẹ̀, nínú ìgò omi, màá sì dá gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ dúró títí màá fi rí òótọ́.”

Gbéminíyì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn mẹ́ta ló fọ̀rọ̀ wá obìnrin náà lẹ́nu wò: Dókítà, Bọ́lájí àti òun. Kò sí ìyá kankan. Àga kan wà lápá ojú fèrèsé lóòótọ́, àmọ́ àga òfìfo ni.

Ó wá ń rántí nǹkan tí kò kà sí lánàá. Lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí Bọ́lájí ń wá ìwé kan nínú fáìlì, tí yàrá dákẹ́, Tinúadé yíjú sí apá fèrèsé. Ó mi orí bíi pé ó ń gbọ́ ẹnì kan, ó sì ní, “Ẹ ṣé mà. Màá lọ rò ó.” Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rò pé ẹ̀rù ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló mú un. Bọ́lájí tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i lẹ́yìn tó jáde tán.

Gbéminíyì gbé fóònù. Tinúadé dáhùn kíá, ó kí i dáadáa. Gbéminíyì sọ pé lẹ́tà ti tẹ òun lọ́wọ́, ó wá béèrè bí ìyá tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ṣe rí, pé òun fẹ́ mọ ẹni tí ìkíni náà kàn.

Tinúadé sọ ọ́ láìfi bò. Ó ní obìnrin pupa ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó so jígí mọ́ okùn lọ́rùn, àpá iná sì wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì rẹ̀, ó gùn tó ìka. Ohùn Ìjẹ̀ṣà ló fi ń sọ̀rọ̀.

“Ṣé wọ́n tún sọ nǹkan mìíràn?” Gbéminíyì béèrè.

“Ìgbà tí mo dìde ni wọ́n tún sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí mo bá délé, kí n kọ̀wé sí yín. Wọ́n ní kí n má jókòó máa retí pé ẹ máa kọ̀wé sí mi.”

Gbéminíyì dúpẹ́, ó sì rọra gbé fóònù náà sílẹ̀. Ìyáàfin Ṣèyíọlá Títíloyè gan-an ni Tinúadé júwe, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà ló ṣe olórí láàbù yìí kí Bọ́lájí tó dé. Ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ láti lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ọkọ̀ gbá. Àpá ọwọ́ òsì náà, ibi iṣẹ́ ni ó ti gbà á, lára ìkòkò tí wọ́n fi ń se àwọn ohun èlò láàbù. Gbéminíyì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló bá a da omi sí i.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpá ló ká a lára jù. Ó padà sínú àwọn ímeèlì àtijọ́, ó sì rí ohun tó mọ̀ pé òun máa rí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ara ọmọ rẹ̀ ti yá, Ìyáàfin Títíloyè kọ̀wé pé òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní ipò kékeré pàápàá tó òun. Bọ́lájí ti wà lórí àga nígbà náà, Dókítà sì ní kí Gbéminíyì fi lẹ́tà náà sílẹ̀ ná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin náà tún kọ̀wé, ó ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Lẹ́yìn oṣù kan ó kọ ìkẹta, ìlà kan péré: “Bó bá jẹ́ rárá ni, ẹ ṣáà sọ fún mi pé rárá ni.” Gbéminíyì kà á lọ́jọ́ náà. Ó ní òun á dáhùn tó bá dọ̀la. Kò dáhùn.

Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé obìnrin náà ti kú.

Ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀jẹ̀. Adébáyọ̀, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ yàrá náà, ń jẹ búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé òtútù wà lára ilẹ̀kùn fírìjì, wọ́n so bírò mọ́ ọn. Gbéminíyì kì í ṣe onímọ̀ láàbù, kò sì wo ìwé yẹn rí láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀. Ó wò ó báyìí. Mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lọ́sàn-án, mẹ́rin nírọ̀lẹ́. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ sókè. Mẹ́rin ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá gééré.

Adébáyọ̀ ní ohun tí ojú ẹ̀rọ ń fi hàn ni òun ń kọ, òun ò parọ́. Lóòótọ́, nọ́ńbà mẹ́rin pupa ń tàn lókè ilẹ̀kùn. Gbéminíyì fọwọ́ kan ara fírìjì náà, kò sì mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ mọ̀. Ó lọ pe Bọ́lájí.

Inú Bọ́lájí ò dùn. Ó béèrè ẹni tó fẹ̀sùn kan fírìjì òun. Gbéminíyì ní ẹni tó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lánàá ló kọ nǹkan kan sínú lẹ́tà, òun kàn fẹ́ kí wọ́n wò ó. Bọ́lájí wo ìwé ara ilẹ̀kùn. Ó lọ mú tẹ̀mómítà láti yàrá kejì, ó fi í sínú ìgò omi tó ti wà nínú fírìjì, ó sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró. Inú fírìjì ń kùn díẹ̀díẹ̀, ó ń dákẹ́, ó tún ń kùn.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, Bọ́lájí ṣí i. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n òtútù méjì sí mẹ́fà. Mọ́kànlá ni tẹ̀mómítà ń fi hàn. Nọ́ńbà òkè ilẹ̀kùn ṣì ń tàn pupa, mẹ́rin.

Ojú Bọ́lájí yí padà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má mú ohunkóhun jáde níbẹ̀. Adébáyọ̀ wá sọ pé ọkọ̀ ọsibítù kan ti ń bọ̀ ní aago méjì wá gba báàgì ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta, fún obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ gbẹ̀bí fún nípa iṣẹ́ abẹ. Bọ́lájí fúnra rẹ̀ ló pe ọsibítù náà pé kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ níbòmíì, ó sì bá wọn wá a. Ó tún pe gbogbo ibi tí wọ́n ti kó ẹ̀jẹ̀ fún láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá náà, ó ní kí wọ́n dá èyí tó kù dúró, kí wọ́n sì ṣọ́ àwọn tí wọ́n ti fún. Kò sẹ́ni tí nǹkan tíì ṣe, Ọlọ́run yọ wọ́n. Wọ́n kó gbogbo báàgì inú fírìjì sọ́tọ̀ láti lọ dà wọ́n nù. Bọ́lájí ò bi Gbéminíyì mọ́ nípa lẹ́tà náà. Ó kàn jókòó sórí àpótí, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹtì, Gbéminíyì wọ kéké lọ sí Ugbor. Ó rí àdírẹ́sì Ìyáàfin Títíloyè nínú fáìlì àtijọ́. Ó ti ra ọsàn àti búrẹ́dì, irú ohun tí èèyàn lè gbé lọ sí ilé ayọ̀ tàbí ilé ọ̀fọ̀. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún ọkọ ilé jọ lọ́kàn, bí ọkọ bá ṣì wà.

Ìyáàfin Títíloyè gan-an ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Gbéminíyì kúnlẹ̀ láìmọ̀ pé òun kúnlẹ̀. Obìnrin náà wò ó pẹ́, jígí wà lọ́rùn rẹ̀ lórí okùn. Irun rẹ̀ ti funfun sí i. Ó ní kó dìde kó wọlé, pé kò dáa kéèyàn máa kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bíi pé ó jí nǹkan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kí i lédè Gẹ̀ẹ́sì láti inú yàrá, ó ń tiro díẹ̀, ó gbé omi wá, ó sì padà wọlé.

Gbéminíyì béèrè bóyá màmá jáde lọ síbì kankan ní Ọjọ́rú.

“Ibo ni mo fẹ́ lọ? Inú ilé ni mo wà. Ẹ̀gúsí ni mo jókòó ń bó, oorun gbé mi lọ lórí àga yẹn. Kì í ṣe ìṣe mi láti máa sùn lọ́sàn-án.” Ó wo Gbéminíyì lójú. “Ta ló rán ọ pé kí o wá béèrè?”

Gbéminíyì ní kò sẹ́ni tó rán òun. Ó ní kí màmá jọ̀wọ́ sọ fún òun bí wọ́n bá lálàá.

Ìyáàfin Títíloyè bọ́ jígí lọ́rùn, ó gbé e sórí itan. Ó ní òun rí ara òun nínú yàrá ìpàdé ní láàbù. Òun jókòó sápá fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó kí òun. Obìnrin kan wà níwájú wọn tó ń wáṣẹ́. Òun ò rí ojú rẹ̀ dáadáa, àmọ́ òun mọ̀ pé ó ti pẹ́ nílé bíi tòun. Òun bi í ní ìbéèrè kan nípa fírìjì, torí pé irú ìbéèrè tí òun máa ń bi àwọn tuntun nìyẹn. Obìnrin náà nìkan ló dá òun lóhùn nínú gbogbo wọn.

“Ìwọ náà wà níbẹ̀,” ó sọ. “Ìwé máàkì obìnrin yẹn wà níwájú rẹ. Bó ṣe ń fa àga kó tó jókòó ni o ti kọ ‘rárá’ sí igun rẹ̀ lókè. O wá fi ọwọ́ bò ó.”

Gbéminíyì ò lè gbé ojú sókè. Òótọ́ ni. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ mẹ́rin, ní bírò búlúù. Òun ló kó ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, òun ló fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà nínú báàgì tó gbé sórí ẹsẹ̀ níbi tó jókòó sí yìí. Kò sí ọmọ aráyé kankan tó rí i.

Ó ronú láti dìde kó máa lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀: lẹ́tà Tinúadé, nọ́ńbà mẹ́rin, tẹ̀mómítà, obìnrin tí wọ́n fẹ́ gbẹ̀bí fún. Nígbà tí Ìyáàfin Títíloyè gbọ́ pé mọ́kànlá ni, ó di ojú.

Lẹ́yìn náà Gbéminíyì sọ ohun tó gbé e wá gan-an. “Mà, mo rí lẹ́tà yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kà wọ́n nígbà náà. Mi ò dáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.”

Obìnrin náà ń fi àtàǹpàkò pa àpá ọwọ́ òsì rẹ̀.

“Bí o bá sọ pé rárá, ǹ bá sunkún lọ́jọ́ kan, kí n gbàgbé,” ó sọ níkẹyìn. “Àràárọ̀ ni mo ń ṣí fóònù wò. Ọdún kan àti ààbọ̀. Mo ti sinmi wíwò ó, mo rò pé ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀. Ó jọ pé kò kúrò.”

Kò sọ pé òun dárí jì í. Ó ṣáà gba ọsàn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ajé, Gbéminíyì pe dókítà ilé ìwòsàn tí Tinúadé ti ṣiṣẹ́ láìgbowó, dókítà náà sì ní ọwọ́ obìnrin náà mọ́, ó sì máa ń tètè dé. Gbéminíyì tún bi ìgbìmọ̀ nípa láísẹ́ńsì rẹ̀, òótọ́ ni. Wọ́n pè é wá sídìí tábìlì iṣẹ́ fún ọjọ́ kan bó ṣe béèrè. Bọ́lájí dúró tì í láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Tinúadé lọ́ra díẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tuntun, àmọ́ kò ṣàṣìṣe. Bọ́lájí fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbà á, pẹ̀lú oṣù mẹ́ta ìdánwò àti ẹni tí á máa kọ́ ọ. Dókítà béèrè ta ni á máa kọ́ ọ. Gbéminíyì wá gbé lẹ́tà Ìyáàfin Títíloyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti tẹ̀ jáde sórí tábìlì, ó sì dúró títí ọkùnrin náà fi kà wọ́n tán. Dókítà ò wo aago.

Wọ́n kọ̀wé sí Ìyáàfin Títíloyè pé kó wá máa bójú tó bí iṣẹ́ ṣe péye sí, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ó fi wọ́n sílẹ̀ láìdáhùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Lójoojúmọ́ ni Gbéminíyì ń ṣí ímeèlì wò láàárọ̀, kó tó bọ́ báàgì léjìká, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń fi kọ́ òun. Ní ọjọ́ kẹwàá, èsì dé: òun á wá, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ra fírìjì tuntun.

Lọ́jọ́ tí Ìyáàfin Títíloyè àti Tinúadé kọ́kọ́ pàdé, lójú àtẹ̀gùn, Tinúadé kúnlẹ̀ kí i bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà. Mo kọ̀wé náà bí ẹ ṣe ní kí n kọ ọ́.” Gbéminíyì wà lẹ́yìn wọn. Kò tíì sọ fún Tinúadé pé àwọn mẹ́ta péré ló fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lọ́jọ́ náà, kò sì mọ bóyá òun á sọ ọ́ láé. Ìyáàfin Títíloyè bojú wẹ̀yìn wò ó, ó tún yíjú sí obìnrin tó kúnlẹ̀.

“Mo gbọ́,” ó sọ. “Dìde, jẹ́ ká lọ ṣiṣẹ́.”